Ìpín ₦40 àti ìpín ₦4: èwo ló máa jẹ owó yín jù?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ìpín iléeṣẹ́ lórí fóònù ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wo iye ìpín tí owó wọn lè rà. Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkẹ́rẹ́, tó ya ₦200,000 sọ́tọ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bó bá ra ìpín báńkì ńlá kan tó wà ní nǹkan bíi ₦40, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni yóò rí. Bó bá ra ti iléeṣẹ́ kékeré kan tó wà ní nǹkan bíi ₦4, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ni. Èyí tó pọ̀ yìí ló sábà máa ń wọ èèyàn lójú, òun náà ló sì lè jẹ owó rẹ̀ jù.

Lórí ọjà ìpín NGX ní Èkó, iye méjì ló wà fún ìpín kọ̀ọ̀kan lójú kan náà: iye tó ga jù tí olùrà kan fẹ́ san, àti iye tó kéré jù tí olùtà kan fẹ́ gbà. Àlàfo àárín wọn làwọn bíróókà ń pè ní sípírẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá fẹ́ rà lójú ẹsẹ̀, iye olùtà ni yóò san; bó bá fẹ́ tà lójú ẹsẹ̀, iye olùrà ni yóò gbà. Iye kan ṣoṣo tí ẹ ń rí nínú ìwé ìròyìn, iye tí wọ́n fi rà á kẹ́yìn ni. Bí ìpín náà kì í bá yá, iye yẹn lè ti pé ọjọ́ mélòó kan.

Ohun tó ń fa àlàfo yìí ò jìnnà sí wa. Abúlé tí olùra kòkó kan ṣoṣo ń wá, iye tó bá dá ni àgbẹ̀ máa gbà; ibi tí olùrà pọ̀ sí, wọ́n á máa fi owó lé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpín: bí olùrà àti olùtà bá pọ̀, àlàfo á kéré; bí wọn ò bá pọ̀, á fẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ méjèèjì, láìka owó bíróókà àti owó ìjọba:

| | Ìpín báńkì ńlá | Ìpín iléeṣẹ́ kékeré |
|---|---|---|
| Olùrà ń san | ₦40.00 | ₦3.80 |
| Olùtà ń gbà | ₦40.05 | ₦4.00 |
| Owó tí ẹ san | ₦200,250 | ₦206,500 |
| Bí ẹ bá tà á lójú ẹsẹ̀ | ₦200,000 | ₦186,000 |

Ti báńkì yé: ₦250 ló lọ, nítorí àwọn tó ń tà ní ₦40.05 àtàwọn tó ń rà ní ₦40.00 pọ̀ tó láti gba gbogbo ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ti èkejì ló yẹ ká tú wò. Ẹni tó ń tà ní ₦4.00 ò ní ju 10,000 ìpín lọ. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní 15,000, ₦4.10 ló ń tà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ tó máa rí 25,000 tó kù, ní ₦4.20. Bí ẹ bá kàn tẹ “rà”, tí ẹ kò fi iye dè é, àṣẹ yín á máa gun òkè bẹ́ẹ̀ títí 50,000 ìpín á fi pé. Dípò ₦4.00, ₦4.13 ni ẹ san lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ ₦6,500 yẹn ni wọ́n ń pè ní sílípéèjì.

Bí ẹ bá ń tà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí, àfi pé ìsàlẹ̀ lẹ ń lọ: 20,000 ní ₦3.80, 20,000 ní ₦3.70, 10,000 ní ₦3.60. Ẹ ti pàdánù ₦20,500, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, láìsí pé nǹkan kan ṣe iléeṣẹ́ náà.

Olówó ńlá náà lè bá èyí pàdé, kódà ẹrù tirẹ̀ wúwo jù. Ṣùgbọ́n bíróókà tirẹ̀ ń wo gbogbo ìlà àwọn olùrà àti olùtà, ó lè pín àṣẹ náà sí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì lè wá olùtà kan bá dúnàádúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olówó kékeré ń wo iye kan ṣoṣo lórí fóònù, ìpín olówó pọ́ọ́kú ló ń wá, ó sì sábà máa ń tà nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ tàbí àìsàn bá dé, tí kò lè dúró.

Nítorí náà, bí owó yẹn bá lè di ohun tí ẹ máa nílò lójijì, ti báńkì ni mo máa mú. Bí ẹ bá gba iléeṣẹ́ kékeré náà gbọ́, tí ẹ sì lè fi owó sílẹ̀ fọ́dún mélòó kan, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ fi iye dè é. Ẹ sọ fún bíróókà pé ẹ ò ní san ju ₦4.00 lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 10,000 péré lẹ lè rí; ìyókù á dúró de olùtà míì, ó sì lè má dé. Èyí kò yanjú ọ̀ràn títà, torí pé bí ìròyìn burúkú bá jáde, iye lè já ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí NGX gbà láàyè lọ́jọ́ kan, kí olùrà kankan má sì sí nílẹ̀.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí bíróókà ka ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ fún yín ní ìhà olùrà àti ti olùtà, pẹ̀lú iye ìpín tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ iye ìpín tí wọ́n ń rà lójúmọ́ fún bí oṣù kan sẹ́yìn. Bí 50,000 tiyín bá ju gbogbo ohun tí wọ́n ń rà lọ́jọ́ kan lọ, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ máa fi tà á, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ìgbà tí ẹ máa nílò owó náà.