Gíláàsì ₦6,500 tí mo fi mọ kòkòrò tó lu àgbàdo mi

Àgbàdo, ẹ̀wà àti ọkà bàbà ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, ó sì ti lé lógún ọdún báyìí. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun tó bá ti ń rìn nínú àpò, "kòkòrò" la máa ń pè é. A ó kù ú, a ó sá a sóòrùn, ó parí. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ mi obìnrin ra gíláàsì kékeré kan wá fún mi, irú èyí tí wọ́n ń há mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù kí nǹkan kékeré lè tóbi nínú fọ́tò. ₦6,500 ló rà á. Mo ti lò ó tó báyìí láti sọ ohun tó ṣe fún mi àti ibi tó kù sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí n jù ú nù. Gbogbo fọ́tò tí mo yà ló ń ṣe bàìbàì. Àṣé gíláàsì méjì ni wọ́n yí mọ́ra wọn: ti òkè wà fún yíya ibi tó fẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ló ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó dìgbà téèyàn bá yí ti òkè kúrò bí ìdérí ìgò kó tó rí ti ìsàlẹ̀ lò. Kò sí ìwé kankan nínú páálí tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó tà á kò sì sọ fún ọmọ mi. Fóònù mi tún ní kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́yìn, bí mo bá sì há a mọ́ èyí tí kì í ṣe ojúlówó, kò ní yí nǹkan kan padà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá ṣí kámẹ́rà, màá fi ìka bo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo bá bò tí òkùnkùn dé sójú fóònù, òun ni màá há gíláàsì mọ́.

Ó gba kí fóònù sún mọ́ kòkòrò náà gan-an, bí ìwọ̀n ìbú àtàǹpàkò. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán ò ní mọ́. Ẹ má wulẹ̀ máa tẹ ojú fóònù pé kó mọ́, fóònù fúnra rẹ̀ lẹ máa rọra sún síwá sẹ́yìn títí àwòrán á fi jókòó. Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n, nítorí náà mo máa ń gbé fóònù lé orí agolo mílíìkì méjì, kòkòrò á wà láàárín wọn lórí ìwé funfun, màá sì fi rúlà ọmọ iléèwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n lè ka mìlímítà. Bó bá ń sáré, màá kó o sínú ìgò kékeré, màá gbé e sínú fíríìjì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá jáde, ara rẹ̀ á ti tutù, á dúró jẹ́ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ló dáa jù. Iná fóònù máa ń kọ yànràn lẹ́yìn kòkòrò débi pé èèyàn ò ní rí nǹkan kan lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpò mẹ́rìnlá ló jẹ́ kí n mọ iyì gíláàsì yìí. Apá Ṣakí ni mo ti ra àgbàdo náà, ó gbẹ, téèyàn bá fi eyín gé e, á ró pá. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta ní ìsọ̀ tí mo rí ìyẹ̀fun nílẹ̀ lábẹ́ àwọn àpò náà, àfi bí ẹni jọ èlùbọ́ síbẹ̀. Mo tú ẹnu àpò kan, mo rí kòkòrò pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó pẹlẹbẹ, ó ń sáré lórí àgbàdo. Mo mú un, mo yà á, fọ́tò náà sì mọ́. Mo fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù sí Bàbá kan tó máa ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ mi. Ìmọ̀ kòkòrò ni wọ́n fi ń kọ́ni ní yunifásítì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò tíì kúrò lọ́kàn mi: "Ìyá Alágbàdo, ẹ kú iṣẹ́. Fọ́tò yín mọ́ gaara, àmọ́ eléyìí kọ́ ló lu àgbàdo yín. Ẹnu rẹ̀ ò ká odindi hóró. Ìyẹ̀fun àti àfọ́kù tí ẹlòmíì jẹ sílẹ̀ ló wá jẹ. Ẹ lọ wá ẹni tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀."

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò mọ kòkòrò ló yẹ kó gbọ́ eléyìí. Kòkòrò tí ẹ yà ni fọ́tò máa sọ fún yín, kò ní sọ ẹni tó ba ọjà jẹ́. Àwọn tó ń rìn lókè àpò sì lọwọ́ máa ń kọ́kọ́ bà, nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́ hóró wà nísàlẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn.

Mo wá bu àgbàdo láti àárín àti ìdí àpò, kọ́ńgò méjì, mo fi ajọ̀ gàrí kù ú sórí aṣọ funfun. Oríṣi méjì ló bọ́ sílẹ̀ yàtọ̀ sí pupa yẹn. Èkíní jẹ́ márùn-ún péré. Nínú fọ́tò, ẹnu rẹ̀ gùn síwájú bí ọwọ́jà erin, àmì rẹ́súrẹ́sú mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, méjì lápá òkè, méjì nísàlẹ̀. Ojúlówó kòkòrò àgbàdo tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Èkejì lé ní ọgọ́ta. Ó dúdú díẹ̀, ó ṣe róbótó gbọọrọ bí ègé lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù, kò sì dà bíi pé ó lórí rárá. Mo rò pé onímú gígùn yẹn náà ni, pé ó ti kú ló ṣe káwọ́ kásẹ̀. Ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀ ni pé bí onímú gígùn bá ṣe bí òkú, ó máa ń ká ẹnu rẹ̀ sábẹ́ àyà, bẹ́ ẹ bá sì yà á láti òkè, ẹ lè má rí ẹnu náà.

Bàbá wo fọ́tò náà, wọ́n ní, "Ẹ dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ yà á, kẹ́ ẹ sì ya ìdí rẹ̀ fún mi."

Mo fi igi ìtayín kán gọ́ọ̀mù tí kò tó orí abẹ́rẹ́ sórí ìwé, mo da kòkòrò náà lé e lórí. Ìgbà tí mo yà á báyìí ni mo rí i pé ó lórí. Àyà rẹ̀ ló yọ síwájú bo orí náà mọ́lẹ̀ bí ẹni fa fìlà bojú, orí ń wo ilẹ̀, àwọn ẹ̀gún wẹẹrẹ sì wà níwájú àyà náà bí ojú ìrìn tí wọ́n fi ń rin kókò. Mo yí fóònù sí ìdí rẹ̀. Ìdí náà kò rí roboto. Ó dà bíi pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n bá gé orí iṣu, ó dá wálẹ̀ gbọnrangandan, igun méjì sì yọ lápá òsì àti ọ̀tún.

Bàbá ṣàlàyé pé mọ̀lẹ́bí méjì ló ń fi àyà borí báyìí. Ti kékeré, tí kì í ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, ìdí rẹ̀ máa ń rọra tẹ̀ wálẹ̀ bí ìdí ẹyin. Èyí tí ìdí rẹ̀ gé, tó máa ń tó mìlímítà 3 sí 4 àti ààbọ̀, Prostephanus truncatus ni orúkọ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Rúlà mi fi hàn pé tèmi ń sún mọ́ mìlímítà 4. Wọ́n ní Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ ìtòsí rẹ̀ ni baba ńlá rẹ̀ ti wá, pé ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa yìí, Tógò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní 1984.

Bó bá ṣe onímú gígùn nìkan ni, màá kù ú, màá sá a, màá rọ ọ́ sínú àpò onípele mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Àmọ́ onídìí gígé yìí lè gé ọ̀rá àpò náà lu, atẹ́gùn á sì tún ráyè wọlé. Kì í jẹ àgbàdo nìkan, ó ń jẹ pákí gbígbẹ, ó sì ń lu igi. Ibi tí àyà mi ti já nìyẹn, nítorí àpò pákí mẹ́sàn-án tí ẹnì kejì mi tọ́jú láti fi ṣe láfún wà lára ògiri kan náà. A tú u, a sì bá wọn níbẹ̀. Pátákó tí mo fi ṣe àtẹ́lẹ̀ àpò náà ti ní ihò wínníwínní. A kó pátákó náà jáde, a sun ún. Àpò mẹ́fà tí wọ́n ti lu jù, mo tà á fún àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ lówó pọ́ọ́kú, mo sì sọ ohun tó ṣe é fún wọn. Mẹ́jọ tó kù, mo kù ú, mo sá a, mo sì rí i pé mo tà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ju oògùn sí i. Ibi tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà jáde àti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ló gba irú oògùn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìsọ̀ tí èèyàn ń jókòó sí.

Gíláàsì náà ní àléébù tirẹ̀. Àárín àwòrán nìkan ló ń mọ́, etí rẹ̀ máa ń wọ́, nítorí náà ẹ má to kòkòrò mẹ́ta pọ̀ sínú fọ́tò kan. Rọ́bà tó wà lẹ́nu ibi tó fi ń há ti bọ́ lẹ́yìn oṣù kan, mo fi súlọ́tépù dì í kó má baà ha fóònù. Bí fóònù yín bá wọ aṣọ tó nípọn, ẹ bọ́ ọ kúrò. Onímú gígùn inú àgbàdo sì ní ìbejì tó sábà máa ń wà nínú ìrẹsì. Bàbá ní kò sí fọ́tò ẹ̀yìn kankan tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi kí wọ́n la inú wọn. Èyí tó ṣì wà ní ìdin nínú hóró, gíláàsì ò lè rí i. Mo lè kù àpò kan lónìí kí n má rí ẹyọ kan, kí wọ́n sì jáde lóṣù tó ń bọ̀.

Fún ẹ̀wà, ẹ lè má nílò rẹ̀. Ẹyin funfun tí kòkòrò ẹ̀wà ń lẹ̀ mọ́ ara hóró, ojú lásán ń rí i.

Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin. Mo ti ra òmíràn fún obìnrin tó ń bá mi ra ọjà ní Ṣakí. Kó tó di ẹnu àpò kankan báyìí, á bu kọ́ńgò kan láti ìdí rẹ̀, á kù ú, á sì ya ẹ̀gbẹ́ àti ìdí ohunkóhun tó bá bọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dá àpò méjì padà.