Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta dátà pọ́ọ́kú: "Successful" orí áàpù wọn kì í ṣe ẹ̀rí

Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra dátà pọ́ọ́kú lórí áàpù ẹlòmíì, ẹ gbọ́ o.

Mo fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì mi sínú áàpù oníṣòwò kan, mo yan dátà, mo tẹ nọ́ńbà mi. Báńkì ò jáfara, owó ti lọ. Áàpù náà gbé "Successful" gàdàgbà sójú mi. Mo wo fóònù, òfo. Mo pa á, mo tún un tàn, òfo! Mo kọ̀wé sí oníṣòwò, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni, kí n ní sùúrù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ohùn yí padà: ó ní mo ti lo dátà náà tán. Èmi? Dátà tí mi ò fojú rí! Ẹni tó gbówó mi ló tún ń pè mí ní òpùrọ́. Ẹ̀sùn yẹn dùn mí ju owó lọ.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé bóyá mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Mo yẹ nọ́ńbà orí rìsíìtì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tèmi ni.

Ẹ jẹ́ kó yé yín: áàpù rẹ̀ ló sọ "Successful", kì í ṣe ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì. Ìwé báńkì á fi hàn pé owó jáde, kò lè fi hàn pé dátà ò wọlé. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì nìkan ló lè sọ ìyẹn. Mo ní kí wọ́n wo gbogbo ohun tó wọ nọ́ńbà mi láti ìgbà tí mo sanwó títí di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì kọ èsì sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ò ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé kò sí dátà kankan tó wọlé. Mo fi èsì yẹn ránṣẹ́ sí oníṣòwò pẹ̀lú rìsíìtì. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó bulọ́ọ̀kù mi! Aláìnítìjú!

Mo ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sí báńkì, àmọ́ ọwọ́ ara mi ni mo fi fi owó náà ránṣẹ́ sí i, kò rọrùn fún wọn láti gbà á padà. Ká ní inú áàpù báńkì gan-an ni mo ti rà á ni, àwọn fúnra wọn ni ì bá dáhùn.

Kẹ́ ẹ tó rà, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù tó fi iye dátà tẹ́ ẹ ní hàn. Ẹ tọ́jú "Transaction Reference". Tó bá jẹ́ káàdì ìpè ni, ẹ wò ó bóyá gbèsè tẹ́ ẹ yá ló gbé e mì. Tó bá ní "Pending", ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹni tó bá sì pè yín pé òun fẹ́ dá owó padà, tó ní kẹ́ ẹ sọ píìnì, olè mìíràn nìyẹn. Ní tèmi, olè ni gbogbo wọn, mi ò tún rà lọ́wọ́ ìkankan wọn mọ́.