Fọ́ńṣọ̀n tí aago ń jí àbí sáfà kékeré tí a háyà: èwo ni kẹ́ ẹ fi máa sọ iye owó ọjà dọ̀tun?

Bẹ́ ẹ bá ní ìkànnì tó ń ta ọjà tí ẹlòmíràn ń kó wá, iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ kò ṣàjèjì sí yín. Olùpèsè ní àkójọ iye owó tirẹ̀, iye owó náà kì í dúró sójú kan, ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ máa lọ wò ó kẹ́ ẹ tó kọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Kò sẹ́ni tó lè máa jókòó ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, aago ló gbọ́dọ̀ máa pè é.

Ọ̀nà méjì ni mo ti fi ṣe é fún ìkànnì ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀. Mo kọ́kọ́ háyà sáfà kékeré kan tó ní mẹ́mórì GB kan, `cron`, aago inú Linux, ló sì ń bá mi pe iṣẹ́ náà ní wákàtí wákàtí. Lẹ́yìn náà ni mo kó o lọ sórí AWS Lambda ti Amazon, tó ń ṣiṣẹ́ kóòdù kékeré tí wọ́n ń pè ní fọ́ńṣọ̀n láìjẹ́ pé èèyàn háyà sáfà. EventBridge, aago AWS, ló ń jí fọ́ńṣọ̀n náà, tó bá ṣiṣẹ́ tán, á tún sùn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti wà níbẹ̀. Méjèèjì ló ti mú mi sanwó ohun tí n kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká yára kọjá lórí àwọn kékeré. Ní ti owó, dọ́là 6 ni mò ń san lóṣù lórí sáfà, bó ṣiṣẹ́ bí kò ṣiṣẹ́. Lambda ń ka àkókò tí fọ́ńṣọ̀n fi ń ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po mẹ́mórì tí ẹ yàn fún un, 400,000 GB-ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ lóṣù sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní ti aago, òfin EventBridge àtijọ́, aago àgbáyé UTC ló mọ̀, wákàtí kan sì ni Èkó fi ṣáájú rẹ̀. EventBridge Scheduler ti gba `Africa/Lagos` báyìí. Ní ti àtúnṣe sáfà, ẹ̀yin lẹ ó máa ṣe é lórí èyí tẹ́ ẹ háyà. Ó tán.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ jókòó tì ni ìṣẹ́jú 15.

Lambda kì í jẹ́ kí fọ́ńṣọ̀n kan ṣiṣẹ́ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 900. Bẹ́ ẹ kò bá tilẹ̀ yí nǹkan kan padà, ìṣẹ́jú àáyá 3 péré ni wọ́n fún un, ẹ̀yin lẹ ó fà á gùn títí dé 900. Kò sí ibi tí ẹ ti lè tọrọ sí i. Ètò Consumption ti Azure Functions tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú 10 ni tiwọn, 5 sì ni bẹ́ ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Tí àkókò bá ti pé, wọn kò ní bi fọ́ńṣọ̀n léèrè bóyá ó ti parí gbólóhùn tó ń kọ lọ́wọ́, wọ́n á pa á ni.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àkójọ olùpèsè jẹ́ ọjà 40,000. Mò ń béèrè rẹ̀ ní ojú ewé ojú ewé, ọjà 500 lójú ewé kan. Láti gba ojú ewé kan wọlé, ìṣẹ́jú àáyá 6. Láti kọ ọ́ sínú dátábéésì, 5. Ojú ewé 80 ní ìlọ́po 11 jẹ́ 880. Ó wọ inú 900 náà, mo sì fọkàn balẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn gan-an ni àṣìṣe mi. Olùpèsè fi ọjà 2,000 kún àkójọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ojú ewé di 84, iṣẹ́ di 924. Láti ọjọ́ náà, ojú ewé 82 ni wọ́n ti ń pa fọ́ńṣọ̀n mi, ní àárín ìgbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Ọjà tó lé ní 1,000 tó wà nísàlẹ̀ àkójọ kò gba iye owó tuntun mọ́.

Ọjọ́ méjìlá kọjá kí n tó mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló sì jẹ́ kí n mọ̀. Ó pè mí láàárọ̀: "Àbúrò, kí ló dé tí ìkànnì ṣì ń ta pọ́ǹpù omi yìí ní iye tá a fi ń tà á lóṣù tó kọjá? Ẹnì kan ti sanwó mẹ́rin." Ó ní láti fi pọ́ǹpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́, ó sì pàdánù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí mo ṣí lọ́ọ̀gì, ìlà kan náà ló tò síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀:

```
Task timed out after 900.00 seconds
```

Ohun tó tún dùn mí jùyẹn lọ ni pé ìlà náà pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta iye wákàtí tó ti kọjá. Bí EventBridge bá jí Lambda tí ó sì kùnà, Lambda á tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i, ìkíní lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ìkejì lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Ìyẹn dára fún àṣìṣe tó ń wá tó ń lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò lè wọ inú 900 kò ní wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan, mò ń sanwó ìṣẹ́jú àáyá 2,700 dípò 880. Pẹ̀lú mẹ́mórì GB kan, iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 4 lóṣù ń lọ sí nǹkan bíi 26, olùpèsè náà sì kọ̀wé pé ìbéèrè wa ti pọ̀ jù.

Ojútùú rẹ̀ kò ju pé kí fọ́ńṣọ̀n máa wo aago fúnra rẹ̀, kó dúró kí wọ́n tó pa á, kó sì fi àmì sí ibi tó dé. Lambda máa ń sọ iye àkókò tó ṣẹ́ kù fún un:

```python
def handler(event, context):
    ewe = ka_ami()          # 1 bí kò bá sí àmì
    while ewe is not None:
        if context.get_remaining_time_in_millis() < 60000:
            return
        ewe = se_ewe_kan(ewe)   # None bó bá tán
        fi_ami_pamo(ewe)
```

Inú dátábéésì ni àmì náà ń gbé. Mo yí aago padà sí `rate(15 minutes)`. Fún ojú ewé 84, ìjí àkọ́kọ́ á ṣe 77, á rí i pé ohun tó kù kò tó ìṣẹ́jú kan, á sì lọ. Ìjí kejì á ṣe 7 yòókù láàárín ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Ẹ rí i dájú pé bí a bá kọ ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ba nǹkan kan jẹ́: kóòdù ọjà ni kẹ́ ẹ fi máa wá ìlà tẹ́ ẹ ó tún kọ, ẹ má kàn máa fi ìlà tuntun kún un. Mo fi reserved concurrency sí 1 kí méjì má baà ṣiṣẹ́ pọ̀, mo sì dá àtúngbìyànjú dúró, torí pé aago máa padà wá láìpẹ́:

```
aws lambda put-function-event-invoke-config \
  --function-name tun-owo-oja --maximum-retry-attempts 0
```

N kò tún máa ṣọ́ àṣìṣe nìkan mọ́. Ọjọ́ orí iye owó tó pẹ́ jù lọ ni mò ń ṣọ́, nítorí òun ló kan oníbàárà. Bí `SELECT min(igba_atunko) FROM oja;` bá fi hàn pé ó ti ju wákàtí méjì lọ, fóònù mi á dún. Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn ọjà tí olùpèsè ti mú kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ó máa pè yín lóru lásán.

Ti mẹ́mórì kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Láti 128 MB dé 10,240 MB lẹ lè yàn lórí Lambda, agbára pírósẹ́sọ̀ sì ń tẹ̀ lé e: 1,769 MB ló tó odidi pírósẹ́sọ̀ kan. Kí n tó máa béèrè rẹ̀ ní ojú ewé ojú ewé, odidi àkójọ ni mò ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì JSON 70 MB ni, mo sì rò pé 512 MB á gbà á dáadáa. Kò gbà á, nítorí fáìlì bẹ́ẹ̀ máa ń wú ní ìlọ́po mélòó kan bí Python bá tú u sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí `signal: killed` nínú lọ́ọ̀gì, tí `Max Memory Used` sì dọ́gba pẹ̀lú `Memory Size`, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo fi kún un títí dé 1,024 MB, ṣùgbọ́n kíkà á ní ojú ewé ojú ewé ló tán an, torí 212 MB ló ń lò lẹ́yìn náà. Ẹ má sì ra mẹ́mórì sí i nítorí àtisáré bó bá jẹ́ pé sáfà olùpèsè lẹ̀ ń dúró dè. Dídúró kì í yára torí pírósẹ́sọ̀.

Sáfà tí mo háyà ńkọ́? Kò ní ìṣẹ́jú 15, òótọ́ ni, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lè ṣe níbẹ̀ láìsí ẹni tó máa dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n `cron` kì í bèèrè bóyá ti ìṣáájú ti parí. Bí iṣẹ́ wákàtí kan bá gba ìṣẹ́jú 70, èkejì á bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, méjèèjì á máa fa dátábéésì kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. `flock` lẹ ó fi dì í:

```
0 * * * * flock -n /tmp/owo.lock /home/oja/tun_owo.sh
```

Mẹ́mórì náà sì ní òpin níbẹ̀, kàn jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà lórí sáfà ló jọ ń pín in. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí àkójọ wú lórí GB kan ṣoṣo yẹn, Linux wá ohun tó tóbi jù láti pa, dátábéésì ló sì mú. Ìkànnì kú títí ilẹ̀ fi mọ́. Lórí Lambda, fọ́ńṣọ̀n nìkan ni ì bá kú. Nígbà mìíràn, lọ́ọ̀gì kún dísíìkì títí iṣẹ́ kò fi lè kọ ohunkóhun mọ́. `cron` ń fi lẹ́tà ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sínú àpótí kan lórí sáfà náà tí n kò ṣí rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí n tó mọ̀.

Ta ló wá yẹ kó ra èwo? Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ẹyọ kan gbọingbọin tí kò ṣeé gé, irú ìbéèrè dátábéésì kan tó ń gba ogún ìṣẹ́jú, sáfà ni kẹ́ ẹ háyà, tàbí kẹ́ ẹ wo Cloud Run jobs ti Google tó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bẹ́ ẹ bá ti ní sáfà tí ẹnì kan ń tọ́jú lójoojúmọ́, ẹ fi `cron` sí i, kò sí ìyọnu. Fún àwa tí kò sẹ́ni tó ń bá wa ṣọ́ sáfà, tí iṣẹ́ wa sì wà ní ojú ewé ojú ewé, fọ́ńṣọ̀n ni. Ẹ ṣáà wọn ojú ewé kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi iye ojú ewé tẹ́ ẹ rò pé ẹ ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 600, ẹ ti kọ àmì yẹn sínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Àkójọ ẹ̀gbọ́n mi ti di 61,000 báyìí, ìyẹn ojú ewé 122. Mo dín mẹ́mórì sí 512 MB, ojú ewé kan kò sì pẹ́ jù tàtẹ̀yìnwá. Ìjí méjì ló ń parí rẹ̀, 77 àti 45, nǹkan bíi dọ́là 9 sì ni mò ń san lóṣù.