Tiransifọ́mà 100 kVA méjì: èwo ló bá ẹrù ojoojúmọ́ yín mu?

Ẹni tó fẹ́ ra tiransifọ́mà fún ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ sábà máa ń béèrè ohun méjì péré lọ́wọ́ olùtajà: kVA rẹ̀ mélòó, èló sì ni? Ohun méjì mìíràn wà tó yẹ kó béèrè kó tó na owó. Nínú ìwé ẹ̀rọ náà, P0 ni wọ́n ń kọ fún ọ̀kan, Pk sì ni wọ́n ń kọ fún èkejì.

P0 ni òfò irin. Ó jẹ́ iye wáàtì tí ẹ̀rọ náà ń jẹ níwọ̀n ìgbà tó bá ti wà lórí iná, ìbáà jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń lo nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé irin inú rẹ̀ ń gbóná bí agbára òòfà ṣe ń yí padà nínú rẹ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Owó ilé ni ká pè é: ẹ sùn síbẹ̀ o, ẹ kò sùn síbẹ̀ o, ẹ ó san án. Pk ní tirẹ̀ ni òfò kọ́pà, ìyẹn ohun tó ń ṣòfò nínú wáyà nígbà tí ẹrù bá kún dé 100 kVA. Tí ẹrù bá dín kù sí ìdajì, òfò kọ́pà kì í dúró ní ìdajì. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ló máa ń ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ méjì síwájú ara wọn. Ẹ̀rọ kìíní jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́: P0 rẹ̀ jẹ́ 320 W, Pk rẹ̀ sì jẹ́ 1280 W. Ẹ̀rọ kejì jẹ́ irú ti òde òní: P0 rẹ̀ jẹ́ 145 W, Pk rẹ̀ sì jẹ́ 1750 W. Iye kejì yìí gan-an ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣe òté fún 100 kVA olóróró láti 2015, kí wọ́n tó tún dín in kù ní 2021. Ibi tí tiransifọ́mà ti ń gbé agbára kọjá pẹ̀lú òfò tó kéré jù lọ nínú ọgọ́rùn-ún ni ibi tí òfò kọ́pà bá ti dọ́gba pẹ̀lú òfò irin, a sì lè fi ìlànà yìí rí i:

```
x = √(P0 / Pk)
```

Fún ẹ̀rọ kìíní, x jẹ́ 0,5, ìyẹn 50 kVA. Àpapọ̀ òfò rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 640 W, ohun tó sì ń jáde jẹ́ 98,7 nínú 100 ohun tó wọlé. Fún ẹ̀rọ kejì, x súnmọ́ 0,29, ìyẹn 29 kVA. Òfò rẹ̀ jẹ́ 290 W, ohun tó ń jáde sì jẹ́ 99,0. Mo ṣírò wọn bí ẹni pé ẹrù náà kò ní mọ́tò tó ń fa iná lásán. Tí mọ́tò bá pọ̀, ìdá tó ń jáde yóò rẹlẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibi téńté náà kò ní kúrò lójú kan.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n á ní ẹ̀rọ tí téńté rẹ̀ bá súnmọ́ ẹrù wọn ni kí wọ́n rà. Ẹ wo ilé iṣẹ́ kan ní Kétu tó ń lọ àgbàdo àti gbágùúdá lọ́sàn-án, tó sì ní yàrá ìtutù tí kì í kú. Fún wákàtí 6, ẹrù rẹ̀ jẹ́ 80 kVA. Fún wákàtí 18 tó kù, 10 kVA ni. Lójú olùtajà, ẹ̀rọ kìíní ló tọ́ sí wọn, nítorí pé 50 súnmọ́ 80 ju 29 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò òfò ọjọ́ kan wò.

| | Ẹ̀rọ kìíní | Ẹ̀rọ kejì |
|---|---|---|
| Òfò irin, wákàtí 24 | 7,7 kWh | 3,5 kWh |
| Òfò kọ́pà, wákàtí 6 | 4,9 kWh | 6,7 kWh |
| Òfò kọ́pà, wákàtí 18 | 0,2 kWh | 0,3 kWh |
| Àpapọ̀ | 12,8 kWh | 10,5 kWh |

Ẹ̀rọ kejì pàdánù ní ọ̀sán lóòótọ́, ṣùgbọ́n òru gbà á padà fún un pẹ̀lú èlé. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 2,3 kWh lójúmọ́, nǹkan bí 840 kWh lọ́dún. Bí a bá fi 100 sééfà ṣe owó kWh kan fún àpẹẹrẹ, ẹgbẹ̀rún 84 sééfà ló ń lọ lọ́dọọdún, bí mítà yín bá wà ní ìhà foltéèjì gíga tó fi ń ka òfò mọ́ yín. Tí ẹ̀rọ kejì bá fi ẹgbẹ̀rún 400 sééfà wọ́n ju ti kìíní lọ, ọdún márùn-ún kò ní pé kó tó san owó ara rẹ̀ padà.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi ẹrù yín wé ni ibi tí òfò ẹ̀rọ méjèèjì ti dọ́gba, èyí tó jẹ́ 61 kVA fún àwọn méjì yìí. Àárín ẹrù ọjọ́ lásán kò ṣeé lò fún ìfiwéra yìí, torí pé òfò ń tẹ̀lé ẹrù nígbà ẹrù. Ẹ mú ẹrù wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro gbogbo wọn pọ̀, ẹ pín in sí 24, kí ẹ wá wá gbòǹgbò rẹ̀. Fún ilé iṣẹ́ Kétu yìí, ó jẹ́ 41 kVA (àárín lásán ì bá fún wa ní 27,5). Ó kéré sí 61, nítorí náà ẹ̀rọ kejì ló jàre. Ilé iṣẹ́ tó bá ń gbé 80 kVA tọ̀sán-tòru yóò rí òdì kejì: 27,3 kWh fún ẹ̀rọ kìíní, 30,4 fún ìkejì.

Ẹ má sì rò pé dandan ni kí ẹ so ẹrù mọ́ 29 kVA. Òkè téńté náà rọra ń sọ̀ kalẹ̀ ni: ní 60 kVA, ẹ̀rọ kejì ṣì ń mú 98,7 jáde. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló gè: ní 5 kVA, ó ti bọ́ sí 97,1. Ohun tó ń sanwó jù ni pípín iṣẹ́ káàkiri ọjọ́. Bí ilé iṣẹ́ yẹn bá tan iṣẹ́ ọlọ ka wákàtí 12, tí ẹrù sì di 45 kVA dípò 80, òfò ẹ̀rọ kejì yóò bọ́ láti 10,5 sí 7,9 kWh. Ìyẹn ju ohun tí pípààrọ̀ ẹ̀rọ fún un lọ. Àmọ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló mọ̀ bóyá owó òṣìṣẹ́ kò ní jẹ èrè náà.

Ìṣírò yìí dúró lórí P0 àti Pk tó jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n tú, tí wọ́n tún wé, lè ní irin tó ti bàjẹ́, kó máa jẹ P0 tó ju ti ojú páàlì rẹ̀ lọ, kó sì máa gbóná láìgbé ẹrù. Kí onímọ̀ iná tó ní irinṣẹ́ ṣí ìhà foltéèjì gíga sílẹ̀, kó fún ìhà kékeré ní 400 V, kó sì ka wáàtì: P0 nìyẹn. Fún Pk, yóò so ìhà kékeré mọ́ ara rẹ̀, yóò sì gbé foltéèjì ìhà gíga díẹ̀díẹ̀ títí 2,9 A yóò fi máa kọjá níbẹ̀, bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti 20 kV. Tí ìdínà rẹ̀ bá jẹ́ 4%, nǹkan bí 800 V ni yóò gbà. Iṣẹ́ apani ni méjèèjì fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ tuntun, ìwé àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kí ẹ béèrè. Ìlànà IEC 60076-1 fàyè gba kí òfò kọ̀ọ̀kan fi 15% ju ohun tí wọ́n kọ lọ, bí àpapọ̀ kò bá ti ju 10% lọ. Ẹ̀rọ kejì lè tipa bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ yín pẹ̀lú P0 tó jẹ́ 166 W, kò sì ní sí ẹjọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé 145 àti 1750 ni òpin, láìsí àfikún kankan.