Oògùn èébì ọkọ̀ tí mo lò láti Adó-Èkìtì lọ sí Èkó: àsìkò tí a gbé e mì ló ṣe pàtàkì

Láti kékeré ni èébì ti máa ń gbé mi nínú ọkọ̀. Tí a bá sì ti kúrò ní Adó, tí a kọjá Ìyìn àti Àrámọ̀kọ, kọ́nà àti òkè tó wà lápá Ẹ̀fọ̀n Aláayè ló kàn. Ibẹ̀ ni inú mi ti máa ń ru.

Purometasíìnì ni mo rà, oníhóró mílígíráàmù 25. Nígbà àkọ́kọ́, inú gáréèjì ni mo ti gbé e mì, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Mo ṣì bì lọ́nà Ẹ̀fọ̀n. Ìgbà tí oògùn wá mú mi, oorun ni mo sùn dé Èkó. Ẹnu mi gbẹ, ojú mi ṣú, mi ò lè ka fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kọ.

Mo padà lọ bá apòògùn tó tà á fún mi. Ó ní, "Mà, ẹ pẹ́ kí ẹ tó lò ó. Bí inú bá ti ń ru, ikùn kì í tètè gbé nǹkan lọ sínú ìfun mọ́, hóró náà á kàn jókòó síbẹ̀." Mo bi í nípa oorun. Ó ní ohun kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ hísítámíìnì, òun ló ń mú kí ojú wa là. Oògùn yìí máa ń wọ inú ọpọlọ, á sì dí i lọ́wọ́. Wíwọ ọpọlọ yìí kan náà ló sì ń jẹ́ kó dá èébì dúró, torí ibẹ̀ ni ìròyìn inú etí nípa bí ọkọ̀ ṣe ń fì ti ń di èébì. Ìdí nìyẹn tí oògùn ara yíyún tí kì í kunni lóorun, bíi lorátádíìnì, kì í fi í dá èébì ọkọ̀ dúró: kì í wọ ọpọlọ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, agogo 9 alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo lo hóró kan, mo sì sùn. Wákàtí tó le jù lára oorun rẹ̀ kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì mi. A gbéra ní 6:30, a kọjá Ẹ̀fọ̀n kí 8:30 tó lù, inú mi rọlẹ̀. Mo kàn ń yán díẹ̀ ni. Ní Èkó, mo kọ fọ́ọ̀mù mi tán.

Àbọ̀ ìrìn yàtọ̀, nítorí òpin ọ̀nà ni òkè wà. Ti alẹ́ lè ti rẹ̀ kí a tó débẹ̀. Nítorí náà, aago 5 àárọ̀ ni mo lò ó, ọkọ̀ gbéra ní 6:30. Mo sùn púpọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ilé ni mo ń lọ, àbúrò mi sì ń dúró dè mí ní gáréèjì.

Ara àwọn kan kì í tètè tú ká láàárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní alẹ́ tí ẹ ò ní rìnrìn àjò lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fi ẹmu tàbí ọtí tì í, ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ Píríton, oorun á di ìlọ́po. Ẹni tó máa wakọ̀ kò gbọdọ̀ lò ó. Àbúrò mi fẹ́ gé ìdajì fún ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 2. Apòògùn ní rárá, ó lè dí èémí ọmọ lọ́wọ́.