RAM àti ìpamọ́ nínú fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ kó owó lé?

Lára páálí fóònù tuntun, ẹ ó rí nǹkan bíi 4GB + 64GB, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: RAM 4GB, ROM 64GB. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta fóònù á kàn sọ pé “mẹ́mórì ẹ̀ pọ̀ gan-an”, wọn ò ní sọ èyí tí wọ́n ń wí nínú méjèèjì. Ẹni tó ń rà á náà á wo nọ́ńbà tó pọ̀ jù, á sì gbà pé ìyẹn ló máa yára jù. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nọ́ńbà méjèèjì ń ṣe, ọ̀kan ò sì lè gba iṣẹ́ èkejì ṣe.

RAM ni ibi tí ẹ̀rọ ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Tí ẹ bá ṣí WhatsApp, fóònù á gbé e láti inú ìpamọ́ wá sínú RAM, ibẹ̀ ni yóò ti máa lò ó. Tí ẹ bá ti pa fóònù, gbogbo ohun tó wà nínú RAM parẹ́ nìyẹn. Ìpamọ́, tí wọ́n ń kọ ní ROM tàbí Storage, ni fọ́tò, fídíò, orin, áàpù àti ètò tó ń darí fóònù fúnra rẹ̀ ń gbé. Bátìrì ì báà kú fún oṣù kan, ẹ ó bá wọn níbẹ̀. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀: tábìlì tó fi ń gé aṣọ ni RAM, kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó aṣọ oníbàárà sí ni ìpamọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ì báà tóbi tó ilé, tábìlì ò ní tìtorí ẹ̀ fẹ̀ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń yọ yín lẹ́nu

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ wo ohun tó ń ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ yín, torí àìsàn méjèèjì ò jọra.

Tí ìpamọ́ bá kún, fóònù ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ìkìlọ̀ á yọ pé àyè ò sí mọ́, kámẹ́rà á kọ̀ láti ya fọ́tò, fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ò ní wọlé, áàpù ò ní gba àtúnṣe tuntun. Ẹ pa fídíò bíi mélòó kan rẹ́, nǹkan á padà bọ̀ sípò.

RAM kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Tí kò bá tó, Android á bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn áàpù tí ẹ ò wò lọ́wọ́ pa níkọ̀kọ̀, kí èyí tó wà lójú yín lè ráyè. Ẹ ò ní mọ̀ àfi tí ẹ bá padà síbẹ̀. Ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti kọ orúkọ, ẹ ti kọ àdírẹ́sì, ẹ wá bọ́ sí WhatsApp láti lọ wo nọ́ńbà kan. Nígbà tẹ́ ẹ fi máa padà dé, ojú ìwé náà ti ń ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ ti lọ. Tàbí kí orin tẹ́ ẹ ń gbọ́ dákẹ́ lójijì nígbà tẹ́ ẹ ṣí kámẹ́rà. RAM tó kéré ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè pa gbogbo fọ́tò inú fóònù rẹ́, kò ní yí i padà. Ti áàpù báńkì ni kẹ́ ẹ má fi dájọ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń lé èèyàn jáde fúnra wọn nítorí ààbò.

Ibì kan wà tí méjèèjì ti máa ń jọra. Ìpamọ́ tó bá kún dé ẹnu máa ń mú kí fóònù falẹ̀, torí ètò tó ń darí ẹ̀ náà nílò ibi tó máa kọ nǹkan sí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tú àyè sílẹ̀, kó tó nǹkan bíi 10GB, kí ẹ sì lo fóònù fún ọjọ́ díẹ̀. Tí fọ́ọ̀mù ṣì ń parẹ́, RAM ni.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi omi bù là

Ibí yìí ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn jù. Ẹ ó rí fóònù tí wọ́n kọ 8GB RAM gàdàgbà sí lára páálí, pẹ̀lú ìràwọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí ẹ bá wá ìràwọ̀ náà dé ìsàlẹ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀ ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín: 4GB + 4GB. Samsung ń pe tirẹ̀ ní RAM Plus, Tecno ń pè é ní MemFusion, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn náà ní orúkọ tí wọ́n fún un. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń gé nínú ìpamọ́, wọ́n ń kà á mọ́ RAM.

Kì í ṣe pé kò wúlò rárá. Áàpù tẹ́ ẹ ṣí láàárọ̀ tẹ́ ẹ ò tíì padà sí, fóònù lè gbé e lọ síbẹ̀ dípò kó tì í pa. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ lọ́ra púpọ̀ ju RAM lọ, ọpọlọ fóònù ò sì lè ṣiṣẹ́ lórí ohun tó wà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbé e padà sínú RAM gidi ná, tí RAM gidi bá sì ti kún, ó di dandan kó gbé nǹkan mìíràn kúrò kó tó ráyè gbé ìyẹn wọlé. Ìdí nìyẹn tí 4GB + 4GB ò fi lè ṣe bíi 8GB gidi, àní kò lè ṣe bíi 6GB gidi nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ẹni tó bá gba owó 8GB lọ́wọ́ yín fún un, ó rẹ́ yín jẹ ni.

Ẹ ní kí wọ́n tan fóònù náà níwájú yín. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ About phone, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RAM sí. Tí ẹ bá bá 4.00 GB + 4.00 GB níbẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni ojúlówó. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ lè wọ inú Settings kan náà kẹ́ ẹ pa àfikún yẹn, kẹ́ ẹ tún un tàn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni RAM tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Apple ní tirẹ̀ kì í kọ RAM iPhone sí ara páálí rárá, ìpamọ́ nìkan ló ń kọ, nítorí náà 128GB tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa RAM.

Fóònù méjì, iye owó kan náà

Ẹ jẹ́ ká gbé méjì sórí káńtà, ká gbà pé iye kan náà ni wọ́n ń tà wọ́n, ọpọlọ wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ.

| | Fóònù kìíní | Fóònù kejì |
|---|---|---|
| Ohun tí páálí ń pariwo | 8GB + 128GB | 6GB + 64GB |
| RAM gidi | 4GB | 6GB |
| Ìpamọ́ | 128GB | 64GB |
| Ojú mẹ́mórì káàdì | kò sí | ó wà |

Obìnrin tó ń ta aṣọ lórí WhatsApp àti Instagram fẹ́ mú ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ya fídíò aṣọ, kó kọ ọ̀rọ̀ sí i, kó dá oníbàárà lóhùn láàárín kan, kó yẹ áàpù báńkì wò bóyá owó ti wọlé, kó padà sídìí fídíò. Áàpù mẹ́rin nìyẹn tó ń bọ́ sí, tó ń bọ́ kúrò, kámẹ́rà sì wà lára àwọn tó ń jẹ RAM jù. Lórí fóònù kìíní, ètò tó ń darí fóònù á ti kó apá tó pọ̀ nínú 4GB náà kó tó ṣí ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ fídíò lè parẹ́ nígbà tó fi máa ti ìdí báńkì dé.

Ti kejì ló yẹ ẹ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wọ̀. Nínú 64GB, ètò fóònù àtàwọn áàpù tó bá a wá lè gba nǹkan bíi 20GB, kó ku bíi 44GB. Fídíò ìṣẹ́jú kan tí wọ́n yà ní 1080p sábà máa ń gba nǹkan bíi 130MB, ìyẹn ni pé GB kan á gba ìṣẹ́jú méje. Ẹni tó ń ya fídíò lójoojúmọ́, tí àwọn oníbàárà tún ń fi fídíò ránṣẹ́ sí, á kún un láàárín oṣù díẹ̀. Mẹ́mórì káàdì ló máa gbà á là: kó yí ibi tí kámẹ́rà ń kó nǹkan sí padà sórí káàdì, kó sì máa kó ti àtijọ́ lọ sórí kọ̀ǹpútà.

Ohun tó mú kí n yan kejì fún un gan-an nìyí: ìpamọ́ fóònù tó ní ojú mẹ́mórì káàdì ṣeé fi kún lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sanwó, RAM fóònù ò ṣeé fi kún láéláé. Inú fóònù ni wọ́n ti jó o pọ̀ mọ́ páànù rẹ̀, kò sí oníṣẹ́ fóònù tó máa bá yín sọ 4GB di 6GB.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba fídíò ẹ̀kọ́ àti fíìmù sílẹ̀, tó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fóònù kejì ló yẹ kó mú. Áàpù kan ló ń lò lẹ́ẹ̀kan. 4GB á tó o, 128GB á sì ṣe é láǹfààní lójoojúmọ́.

Ti láàpútọ́ọ̀pù

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ẹ ó bá èyí pàdé: ọ̀kan ní RAM 4GB àti 500GB HDD, èkejì ní RAM 8GB àti 256GB SSD. Oríṣi ìpamọ́ méjì ni HDD àti SSD, SSD ló sì yára jù. Ojú á kọ́kọ́ lọ síbi 500GB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ojú kúrò níbẹ̀. Tí RAM bá kún lórí Windows, inú ìpamọ́ ló máa ń kó àṣẹ́kù sí, HDD sì ni ìpamọ́ tó lọ́ra jù, torí nínú rẹ̀ nǹkan kan ń yí, apá kan sì ń wá fáìlì kiri lórí ẹ̀. RAM kékeré pẹ̀lú HDD ló ń mú kí èèyàn tẹ nǹkan kó tó lọ pọnmi wá. Windows 11 ní 4GB ló kéré jù tí òun lè gbà, ṣùgbọ́n kó lè tàn lásán nìyẹn.

Ẹ dán an wò níbẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl + Shift + Esc, ẹ lọ sí Performance, ẹ wá ṣí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́fà àti fáìlì Word kan. Tí Memory bá gun 90% kọjá, tí Disk náà sì dúró sí 100% nígbà tí ẹ̀rọ ń fà, RAM ló kéré, ìpamọ́ ló ń jìyà ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín tí 256GB bá ń fi 238GB hàn. Ìṣirò iléeṣẹ́ àti ti Windows ló yàtọ̀, ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan kan níbẹ̀.

Lábẹ́ Memory níbẹ̀ náà, ẹ wo Slots used. Tó bá jẹ́ 1 of 2, ojú kan ṣófo, ẹ lè fi RAM kún un lẹ́yìn ọ̀la, àmọ́ RAM irú DDR3 ò lè wọ ojú RAM irú DDR4. Tó bá ti kún, ẹ ní kí wọ́n tú ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá RAM náà ṣeé yọ, torí àwọn láàpútọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ mìíràn wà tí wọ́n ti jó tiwọn pọ̀ bíi ti fóònù. MacBook Air láti ìgbà tí èyí tó ní ọpọlọ M1 ti jáde ní 2020 ò gba kẹ́ ẹ fi RAM kún un, kò sì gba kẹ́ ẹ pààrọ̀ SSD inú rẹ̀. Iye tẹ́ ẹ bá rà á ní náà lẹ ó máa lò títí tẹ́ ẹ fi máa tà á.