San Andreas àti Minecraft: ìyàtọ̀ tó wà láàárín géèmù ayé gbalasa àti géèmù oníyanrìn

Òpó iná kan ní Los Santos, ìlú kan nínú géèmù San Andreas, ló kọ́kọ́ là mí lójú. Mo fi mọ́tò gbá a, ó wó lulẹ̀, mo wakọ̀ lọ sí òpin títì náà, mo sì yí padà. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, òpó náà ti dìde, kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Lásìkò yẹn kan náà ni mo ń gbá Minecraft lórí fóònù. Mo ti gé ìdí igi kan níbẹ̀, mo sì fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ láìgé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òkè igi náà ṣì dúró nínú afẹ́fẹ́ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, láìsí ìdí. Mo ti gbá géèmù méjèèjì pẹ́, ohun tí mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni òmìnira tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi, nítorí òmìnira náà kì í ṣe irú kan náà rárá.

Ọdún 2004 ni Grand Theft Auto: San Andreas jáde fún PlayStation 2, ọdún 2011 sì ni Mojang, ilé iṣẹ́ kan ní Stockholm, gbé odindi Minecraft jáde. Àkọ́kọ́ ni mo ń pè ní géèmù ayé gbalasa, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní ópùn wọ́ọ̀lù. Èkejì ni géèmù oníyanrìn, nítorí pé inú àpótí yanrìn tí ọmọdé fi ń mọ ilé ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí ilẹ̀ géèmù bá ṣe fẹ̀ tó ni òmìnira rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nínú San Andreas, CJ, ẹni tí a ń darí nínú géèmù náà, lè gun kẹ̀kẹ́, kí ó fò nínú bàálù, kí ó wẹ̀ nínú òkun, kí ó jẹun títí yóò fi sanra, kí ó sì lọ sí ilé eré ìdárayá títí iṣan rẹ̀ yóò fi yọ. Ìlú ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá afárá kúrò ní agbègbè Los Santos kí ìtàn tó dé ibẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin ni yóò tàn sí i lórí, àwọn ọlọ́pàá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kíkan-kíkan. Àwọn tó ṣe géèmù náà ti pinnu ìlú tí a óò kọ́kọ́ rí àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e.

Nínú iṣẹ́ tí wọ́n bá rán CJ, okùn náà tún le sí i. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ẹni tó ti gbá a yóò rántí ni iṣẹ́ ojú irin, níbi tí CJ ti ń gun alùpùpù, tí Big Smoke, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, tí àwọn ọ̀tá wọn, ọmọ ẹgbẹ́ Vagos, sì wà lórí ọkọ̀ ojú irin. Mo kùnà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé ọwọ́ mi kò yá tó. Ni mo bá gbé ọkọ̀ akẹ́rù dábùú ojú irin ṣáájú kí n tó gba iṣẹ́ náà, mo rò pé mo gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin inú géèmù náà kì í dúró fún ohunkóhun. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣètò ni pé kí o máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o má sún mọ́ ọn jù, kí o má sì jìnnà jù, kí Smoke lè rí wọn yìnbọn sí.

Ohun tó mú kí òpó iná máa dìde kò ṣòro láti mọ̀. Mẹ́mọ́rì PlayStation 2 kò ju 32 MB lọ, nítorí náà ńṣe ni ẹ̀rọ náà ń ka ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ láti inú díìsìkì, tí ó sì ń da èyí tó wà lẹ́yìn rẹ nù. Bí o bá tọ́jú géèmù, owó, ìbọn, aṣọ, iṣẹ́ tí o ti parí àti mọ́tò inú gáréèjì ni yóò rántí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ẹ̀rọ nìkan ló fà á. Ká ní ẹnikẹ́ni lè wó afárá palẹ̀, iṣẹ́ tó yẹ kí ó wáyé lórí afárá náà kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ẹni tó fẹ́ sọ ìtàn fún ọ gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ ṣe rí nígbà tí o bá débẹ̀.

Minecraft kò ní ìtàn tó ń dáàbò bò. Ìtì igi kan ń di pákó mẹ́rin, pákó mẹ́rin ń di tábìlì iṣẹ́, pákó mẹ́ta àti ọ̀pá méjì sì ń di díígà. Odindi ọjọ́ kan kò ju 20 ìṣẹ́jú lọ, ó sì yẹ kí o ti ní ibi sísá sí kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí odò dí mi lọ́nà, mo lè fi pákó márùn-ún ṣe ọkọ̀ ojú omi, mo lè tò búlọ́ọ̀kù di afárá, mo sì lè gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀. Ihò ni mo gbẹ́, ó sì di ọ̀nà tí mo ń gbà lójoojúmọ́ láti ìgbà náà.

Kì í ṣe pé kò sí òfin níbẹ̀ o. Mo fẹ́ kí ilẹ̀kùn mi máa ṣí láti ibi tó jìnnà, mo sì da Redstone, ìyẹ̀fun pupa tó ń gbé agbára, sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ wáyà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò mira. Nígbà tí mo tẹ̀ lé ìlà náà, mo rí i pé pupa rẹ̀ ń ṣókùnkùn bí ó ṣe ń jìnnà sí ibi tí agbára ti ń wá, nítorí pé agbára náà kì í kọjá búlọ́ọ̀kù 15. Mo fi Repeater kan, èyí tó ń sọ agbára náà di ọ̀tun, sáàárín, ilẹ̀kùn sì ṣí. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ ilẹ̀kùn yìí. Èmi ni mo gbé e ka iwájú ara mi, òfin géèmù náà ló sì sọ fún mi bóyá mo ṣe é tàbí n kò ṣe é.

Ìyà tirẹ̀ náà wà. Creeper kan, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dá abìjà inú géèmù náà, bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkẹ́rùsí mi, ó gbé ògiri lọ pẹ̀lú àpótí méjì, kò sì sí ìkankan tó dá ara rẹ̀ padà bíi ti òpó iná. Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, mo dúró sáàárín pápá, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ender Dragon wà tí ènìyàn lè lọ bá jà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í tì ọ́ síbẹ̀. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí kò dé bá mi rí nínú San Andreas, níbi tí ẹnìkan máa ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo ìgbà.

Ààlà tó wà láàárín wọn kì í ṣe ògiri. Bí o bá gba àdúgbò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn nínú San Andreas, tí o sì borí ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n bá yọ sí ọ, àdúgbò náà yóò di aláwọ̀ ewé lórí máàpù. Yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi wá gbà á padà. Ìyẹn jọ ti oníyanrìn díẹ̀. Ilẹ̀ Minecraft náà gbalasa ju ti San Andreas lọ fíìfíì. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ mọ irú èyí tí o fẹ́ fi owó rẹ rà, ba nǹkan jẹ́ nínú rẹ̀, kúrò níbẹ̀, kí o sì padà wá wò ó. Ní tèmi, mo fẹ́ràn San Andreas ní alẹ́ tí iṣẹ́ ti rẹ̀ mí, mo sì fẹ́ràn Minecraft ní ọjọ́ tí mo bá ti ní ohun kan lọ́kàn láti kọ́.

Àbúrò mi obìnrin kò parí iṣẹ́ ojú irin yẹn rí. Nínú Minecraft, ó kó irin mẹ́fà àti ọ̀pá kan jọ, ó rí ojú irin 16 gbà, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ojú irin tirẹ̀ fi dé etí omi. Ó wá tò òkúta dábùú rẹ̀ níbi tó fẹ́ kí ọkọ̀ máa dúró sí, ọkọ̀ náà sì ń dúró.